Bí a ṣe fi ẹnu olóúnjẹ mẹ́wàá wọn èrò mẹ́rin

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ₦850,000 ló wà lọ́wọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ní Ìbàdàn. Owó àjọ tí mo kó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyókù ni àbúrò mi rí nídìí fóònù títúnṣe. Èrò òwò mẹ́rin la ní, owó náà kò sì lè gbé ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. A kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, a gbé e kọ́ ara ògiri, a sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jiyàn lé e lórí.

Èrò kìíní jẹ́ tèmi: kí á máa bó ẹ̀wà, kí á sá a gbẹ, kí á dì í sí ọ̀rá ní kóńgò méjì méjì fún àwọn alákàrà. Èkejì, tèmi náà ni: kí á máa ra tòmátò, tàtàṣé àti ata rodo nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lọ́jà, kí á lọ̀ wọ́n, kí á sè wọ́n títí omi ara wọn á fi gbẹ, kí á wá máa tà á fún àwọn onílé oúnjẹ nígbà ọ̀wọ́n. Ẹ̀kẹta ni gbígbé gáàsì lọ bá olóúnjẹ nídìí iná rẹ̀. Àbúrò mi ló ni ẹ̀kẹrin, òun ló sì fẹ́ràn jù: ìwé gbèsè orí fóònù, tí olóúnjẹ á máa fi kọ orúkọ àwọn tó ra àwìn, tí fóònù fúnra rẹ̀ á sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán onígbèsè létí.

Oore kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kò tètè rí. Irú ènìyàn kan náà la fẹ́ ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún, ìyẹn obìnrin tó ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá títì. Nítorí náà, bí a bá jókòó ti ẹni mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ wọn lè wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní èrò kan jẹ́ ti alákàrà, tí òmíràn jẹ́ ti awakọ̀, tí ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọmọ yunifásítì, ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá là bá máa wá kiri fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmín mẹ́rin

Àwọn àjèjì kọ́ la kọ́kọ́ lọ bá o. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ màmá wa la gbà lọ, torí mẹ́ta nínú wọn ń ta oúnjẹ. Mo jókòó ti ẹni àkọ́kọ́, mo ní, "Mà, tí a bá ń bó ẹ̀wà tà, ṣé ẹ máa máa rà á lọ́wọ́ wa?"

Ó ní, "Háà, á mà dáa o, ọmọ mi. Iṣẹ́ ńlá lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa yẹn. Ọlọ́run á bá yín gbé e débi gíga."

Inú wa dùn. Àbúrò mi béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì, òun náà gbàdúrà fún un. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, a ka gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ tẹ̀léra, ìyá náà sì ṣe àmín sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun á ra ẹ̀wà, òun á ra ata, òun á gba gáàsì, òun á sì máa fi fóònù kọ gbèsè. Fóònù tó wà nínú àpò ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò lè ṣe ju kí wọ́n fi pe ènìyàn lọ.

Ojú ọ̀nà ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti yé wa. Ìyá tó bá mọ ìyá rẹ kò ní là á mọ́ ọ lójú pé òun kò nílò ohun tí o fẹ́ tà. Àdúrà ló máa gbà fún ọ. "Ọlọ́run á ti í lẹ́yìn" lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ rárá tí wọ́n fi aṣọ bò, ohùn kan náà ni wọ́n sì fi ń sọ méjèèjì. N kò pè é nírọ́, ọmọlúàbí ló ń ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá fi irú àmín bẹ́ẹ̀ ka iye oníbàárà tó ní, ẹ̀wà á kún inú ilé rẹ̀ títí kòkòrò á fi wọ̀ ọ́.

A ya ojú ìwé mẹ́ta náà sọnù. A pinnu pé àwọn tí kò mọ̀ wá rí la máa lọ bá, mẹ́wàá ni wọ́n máa jẹ́, a kò sì ní dárúkọ èrò kankan fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òfin ìkẹyìn yìí ló ni wá lára jù. Àbúrò mi kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé: MÁ DÁRÚKỌ ÈRÒ.

Àná

Tí ènìyàn kò bá ní dárúkọ èrò, kí ni yóò wá béèrè? Ìbéèrè kan péré la fi ń ṣílẹ̀kùn: "Mà, ẹ dákun, àná, látìgbà tí ẹ ti jí, báwo lẹ ṣe ṣe é títí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà?"

Ọ̀rọ̀ náà "àná" ni gbogbo ẹrù ìbéèrè yẹn wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo ṣèèṣì bi alákàrà kan ní Agbowó pé báwo ló ṣe máa ń ṣe é. Ó ní, "Agogo mẹ́rin ni mo máa ń jí, màá bó ẹ̀wà mi, màá gbé e lọ ẹ̀rọ, màá dín in." Gbogbo rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mo wá bi í nípa àná gan-an. Ó pòṣé. "Àná? Ẹ fi àná sílẹ̀ jàre. Agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo kúrò ní ẹ̀rọ." Bí wọ́n bá ń sọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe, bó ṣe yẹ kó rí ni wọ́n ń sọ. Àná ló ní ariwo nínú.

Ibi tí ẹnì kan bá ti pòṣé tàbí tó mí kanlẹ̀, ibẹ̀ la ń dúró sí. A ó bi í pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ti àná, kí ló wá ṣe sí i, àti èló ló ná an. Ìlà méjì ni ìwé wa ní. Ohun tó sọ ni a ń kọ sí apá òsì, ohun tó ti ṣe sí i tàbí owó tó ti ná lé e lórí ni a ń kọ sí apá ọ̀tún. Bí kò bá tíì ṣe nǹkan kan, apá ọ̀tún á ṣófo, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kò sí alákàrà tó máa dá ọ lóhùn ní agogo méje òwúrọ̀ nígbà tí epo ń hó, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ to sẹ́yìn. Láàárín agogo mẹ́wàá sí ọ̀sán la ń lọ, nígbà tí wọ́n ń fọ agbada. A ó kọ́kọ́ ra nǹkan, a ó kí wọn kú ọjà, kú ìdúró, a ó sì sọ òótọ́: "Òwò oúnjẹ la fẹ́ wọ̀, a ò tíì mọ èyí tí a máa ṣe, a ò sì ní nǹkan kan tí a fẹ́ tà fún yín lónìí." Síbẹ̀, ẹni mẹ́ta lé wa. Nígbà tí ẹnì kejì béèrè pé ṣé ará kánsù ni wá, mo wo ọwọ́ àbúrò mi, mo sì rí i pé bírò àti ìwé ló dì mú, bí àwọn tó máa ń wá já rìsíìtì ṣe máa ń dì í mú gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, bírò wọ àpò. Èmi ń sọ̀rọ̀, òun ń gbọ́. Bí a bá ti kúrò níbẹ̀, a ó dúró sí ìsàlẹ̀ igi tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan, òun á sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá náà gan-an. Nígbà tí mo gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe kó lè bọ́ sí i, èrò tèmi ni mo ń kọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ló gbà wá, ní Agbowó, Bódìjà, Sáńgò àti Mọ́kọ́lá. Alákàrà mẹ́fà, onílé oúnjẹ mẹ́rin.

Ohun tí a gbọ́

Ìwé gbèsè orí fóònù ló kọ́kọ́ kú. Gbogbo ẹni tí a bi pé ta ló jẹ wọ́n lówó lọ́wọ́lọ́wọ́ ló kà á láìronú, orúkọ, iye àti ọjọ́. Onílé oúnjẹ kan ní Sáńgò ní ìlà èédú lára ògiri ẹ̀yìn ìkòkò rẹ̀, ó sì mọ ìlà ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ kì í gbàgbé ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi kì í gbàgbé. Òun ló ń gbàgbé." A kò rí ẹnikẹ́ni tí ìrántí jẹ́ ìṣòro rẹ̀. Ìṣòro wọn ni pé onígbèsè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà. Àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé lọ́jọ́ yẹn, n kò sì bínú sí i. Oṣù méjì ló ti fi ń ya àwòrán ohun tó fẹ́ ṣe.

Gáàsì kò pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Méjì péré nínú mẹ́wàá ló ń lò ó, igi àti èédú ni ìyókù ń dá.

Ẹ̀wà bíbó ló yà mí lẹ́nu, torí òun ni mo fọkàn sí jù. Márùn-ún nínú alákàrà mẹ́fà ló sọ pé ẹ̀wà bíbó ń dá àwọn lẹ́yìn. Ká ní ibẹ̀ la dúró sí ni, à bá ti lọ ra àpò ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti ṣe sí i, apá ọ̀tún ìwé wa ṣófo. Àwọn ọmọ ń bá wọn bó o, tàbí obìnrin kan ládùúgbò ń bá wọn fọ̀ ọ́, ó sì ń gba èèpo rẹ̀ fún ewúrẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ líle ni, àmọ́ wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Ìyá kan ní Mọ́kọ́lá ló wá la ojú wa. Kò mọ̀ pé a ní èrò kankan. Ó kàn ń sọ bó ṣe ra ẹ̀wà lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò pín in níyà níwájú wa. Ó fi ihò kòkòrò kan hàn wá, ihò kékeré bíi ojú abẹ́rẹ́. Ó fi èyí tí awọ rẹ̀ ti dúdú hàn wá, ó ní ẹ̀wà àtijọ́ nìyẹn. Ẹ̀wà àtijọ́ máa ń pẹ́ nínú omi kó tó rọ̀, bí o bá sì po ó títí apá fi wọ́, kò ní wú bó ṣe yẹ. "Awọ rẹ̀ ni mo fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀," ó ní. Mo wo àbúrò mi. Ohun tí mo fẹ́ bó dànù gan-an ni ìyá yìí fi ń ra ẹ̀wà.

Ata sísè ṣubú sínú ihò kan náà. Àwọn onílé oúnjẹ mọ̀ pé tòmátò máa ń wọ́n gógó bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, méjì nínú wọn tilẹ̀ ń sè é sílẹ̀ fúnra wọn nígbà tó bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti ra ata sísè rí lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó kan, ó sì ní ẹ̀ṣà ni wọ́n lọ̀, ìyẹn tòmátò tó ti ń rà tí wọ́n máa ń tà ní owó pọ́ọ́kú. "Ohun tí mi ò rí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, mi ò lè fi se ọbẹ̀ fún ẹni tó ń sanwó." Èrò méjèèjì tí mo mú wá ń gba ojú lọ́wọ́ olóúnjẹ, ojú yẹn sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ohun tí kò sí lórí kàlẹ́ńdà wa rárá ló wá ń jáde lẹ́nu àwọn alákàrà: ẹ̀rọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ títà o, ìdí ẹ̀rọ, láàárín agogo mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ìdájí.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. A kò lè lọ ẹ̀wà àkàrà sílẹ̀ lálẹ́, torí nínú ooru tiwa yìí, yóò ti kan kó tó di òwúrọ̀, kò sì ní wú dáadáa mọ́. Nítorí náà, àfi kó jẹ́ ìdájí. Àwọn tó ń ra àkàrà òwúrọ̀ sì ti ń kọjá láti agogo mẹ́fà ààbọ̀, bí agogo mẹ́jọ bá lù, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Bí ẹlẹ́rọ bá sùn gbàgbé fún wákàtí kan, ó ti jẹ ìdajì ọjà ìyá alákàrà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ẹlẹ́rọ mìíràn kì í tan jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀ńjìnì wọn mọ́ àfi bí ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin bá ti pé. Ìyá yóò jókòó lórí abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ nínú òkùnkùn, yóò máa retí kí ẹlòmíràn dé. Bí ẹ̀rọ bá sì wá dún, ẹlẹ́rọ lè ti kọ́kọ́ lọ ata fún ẹlòmíràn, kí ẹ̀wà rẹ̀ máa ta. Tàbí kó máa da omi sí i kó lè tètè yọ. Ẹ̀wà tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dúró nínú agbada, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì mu epo bí fọ́ọ̀mù.

Mẹ́rin nínú mẹ́fà ló sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn, ẹni karùn-ún bá wọn fi ọwọ́ kàn án. Ní ti èyí, apá ọ̀tún ìwé wa kò ṣófo. Ìyá Agbowó ń fún ọmọkùnrin tó ń sùn sí ìdí ẹ̀rọ ní ₦200 láràárọ̀ kó lè jí. Ẹnì kan ní Sáńgò ń gun ọ̀kadà lọ sí ẹ̀rọ tó jìnnà, ₦400 àlọ àti àbọ̀, torí pé ẹlẹ́rọ ibẹ̀ kì í sùn gbàgbé. Ẹnì kẹta ti ra ẹ̀rọ ìlọta kékeré onína fún ilé, ẹ̀wà kóńgò mẹ́rin sì ti jó o. Ó ṣì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó gbé e jáde kó lè fi hàn wá.

Ohun kan wà tó yẹ kí n là sílẹ̀ níbí. Méjì nínú alákàrà wọ̀nyí jẹ́ ẹni tí ìyá Agbowó júwe wa sí, ẹ̀rọ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń lò. Bí ẹni mẹ́ta bá ń ráhùn nípa ẹlẹ́rọ kan, ẹlẹ́rọ burúkú kan ṣoṣo lo rí. Nítorí náà, a padà lọ ka iye ẹ̀rọ tí gbogbo wọn ń lò, a sì rí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní méjì ló jẹ́, a kì bá tí tẹ̀ síwájú.

Àti pé mẹ́wàá wa kì í ṣe mẹ́wàá mọ́. Àwọn onílé oúnjẹ kò ní wàhálà ìdájí, torí ọ̀sán ni ọjà tiwọn, tiwọn sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ tó máa ń lọ láìdágbére. Èrò wa ni pé "olóúnjẹ" jẹ́ irú ènìyàn kan, nígbà tí a parí, irú méjì ni. Mẹ́fà la ní fún ohun tí a wá fẹ́ ṣe.

Wọ́n tú ìdí aṣọ

A padà sọ́dọ̀ alákàrà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ohun kan: ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ẹ̀wà nìkan, tí yóò ti máa dún ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní dúró de ẹlòmíràn, tí oníẹ̀wà á sì dúró tì í fúnra rẹ̀. A kò bi wọ́n pé èló ni wọ́n máa san. Iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ la pè, ₦300 fún kóńgò kan. A wá ní kí wọ́n san ti ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀.

Mẹ́ta san. Ẹnì kan ní òun á san ti ọjọ́ kan ná, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka ₦600 fún kóńgò méjì. Méjì gbàdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbàdúrà yìí ló ráhùn jù nípa ẹlẹ́rọ, tó fi bú u dé ìdílé bàbá rẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé rẹ̀ wò nígbà tí a délé. Apá òsì kún fọ́fọ́, apá ọ̀tún kò ní nǹkan kan. Àwọn mẹ́ta tó san owó kíkún ni oní-₦200, ọlọ́kadà àti ẹni tí ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ jó.

A kò ra ẹ̀rọ. A háyà ọ̀kan ní ₦25,000 lóṣù lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti pa tirẹ̀ tì, a sì ra irin méjì tuntun tó ń lọ nǹkan nínú rẹ̀, torí òórùn ata kò kúrò lára ti àtijọ́ bó ti wù kí á fọ̀ ọ́ tó. Pẹ̀lú àtúnṣe àti epo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, owó tó jáde kò tó ₦150,000. Ìyókù nínú ₦850,000 náà wà ní báńkì.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn mẹ́rin náà ń lọ kóńgò mẹ́rìnlá lójúmọ́, ₦4,200 nìyẹn. Lítà epo méjì gba ₦1,400, ẹni tó ń tan ẹ̀rọ gba ₦1,000, owó háyà sì jẹ́ nǹkan bíi ₦960 bí a bá pín in sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kù kò ju ₦840 lọ. Owó yẹn kò lè bọ́ ènìyàn méjì. Àmọ́ bí oníbàárà bá di mẹ́jọ, epo kò ní di ìlọ́po méjì, lítà kan ló máa fi lé e, èrè á sì fò dé ₦4,340. Ìdí nìyẹn tí ìṣòro wa fi yí padà: alákàrà mélòó ló wà láàárín ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà lórí nínú òkùnkùn? Ẹni mẹ́wàá kò lè sọ ìyẹn fún wa. Ohun tó ń dun alákàrà ni wọ́n fi hàn wá, kì í ṣe iye alákàrà. Ọ̀rọ̀ yẹn gba kí á jí ní agogo márùn-ún, kí á rìn yí ẹ̀rọ ká, kí á máa ka iná agbada. A ka mẹ́tàlá.

Ohun tí ìbéèrè wa kò sì mú jáde rárá ni ariwo. Kò sí alákàrà tó máa ráhùn pé ẹ̀rọ ń pariwo. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri wa jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní agogo márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Ó jàre. A ti bi àwọn tí yóò sanwó, a kò bi àwọn tí yóò gbọ́ ọ. A gbé ẹ̀rọ lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní òdìkejì títì, níbi tí kò sí ẹni tó ń sùn, a sì pàdánù oníbàárà kan fún ọjọ́ díẹ̀ torí kò fẹ́ máa sọdá títì nínú òkùnkùn. Àbúrò mi so gílóòbù kan mọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ìyá náà sì padà wá.

Nígbà tí oṣù kẹta fi parí, alákàrà mẹ́sàn-án ló ń lọ ẹ̀wà lọ́dọ̀ wa. Tí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ bá dé, gbogbo wọn máa ń dín ẹ̀wà kù, owó wa náà á sì relẹ̀. A ti ń wá ohun tí ẹ̀rọ náà lè máa lọ̀ lọ́sàn-án tí kì í ṣe ata. Àbúrò mi ti mú ìwé tuntun, ó ti pín in sí ìlà méjì, àwọn ẹlẹ́lùbọ́ sì ni ó ń lọ bá báyìí.

Ìyá Agbowó kì í san ₦200 mọ́. Ọmọkùnrin tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní òun gbọ́ pé a nílò ẹni tó lè jí. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn báyìí ní agogo mẹ́rin.